Tíṣù Márùn-ún àti Jígí Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Awọ Ojú Tí Ẹ Ní Láìjáde Nílé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi ní Ìbàdàn nínú oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀. Bó ṣe wọlé ni mo rí i pé iwájú orí rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí bíi bébà tí wọ́n ká mọ́wọ́ tí wọ́n tún wá tẹ́. "Àǹtí, awọ gbígbẹ ni mo ní o. Ẹni tó ń ta ìpara fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó yọ ike kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Òrí tí wọ́n po mọ́ fasilíìnì ló wà nínú rẹ̀, ó ń fi para láàárọ̀, ó ń fi para lálẹ́. Rorẹ́ ti kún iwájú orí rẹ̀ bí ẹni fọ́n bàbà sí i.

Ẹni tó ta ìpara náà ò kúkú parọ́ tán. Nǹkan kan gbẹ lójú ọmọ náà lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe òróró ló gbẹ, omi ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ọ̀nà nìyẹn. Awọ wa ń pèsè òróró fúnra rẹ̀, láti inú àwọn àpò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò irun. Wọ́n pọ̀ ní iwájú orí, imú àti àgbọ̀n ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, àtẹ́lẹwọ́ kò sì ní ẹyọ kan. Bí òróró náà ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìran tí a ti wá, ọjọ́ orí wa, àti àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ọmọdé di géńdé. Omi ní tirẹ̀ wà nínú awọ òkè pátápátá, èyí tí a lè fi èékánná ha. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè fà á lọ, ọṣẹ líle lè ṣí ọ̀nà fún un láti sá lọ, ó sì tún lè padà wá láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni a máa bi ojú wa, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: òróró ń kọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá awọ olóróró ni, tàbí gbígbẹ, tàbí èyí tí mo máa ń pè ní awọ àdàlù, tí apá kan ń yọ òróró tí apá kejì ò yọ. Ìkejì: omi ń kọ́? Awọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ṣe irú awọ kẹrin tó dá dúró. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni, títí kan ojú tó ń dán yinrin.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé fún bíi wákàtí mẹ́ta, tí ẹ ò ní dáná, tí ẹ ò sì ní jáde sínú oòrùn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi ohun tó ki pa ojú. Àwọn ohun tí ẹ nílò ò ju tíṣù funfun, bírò, jígí, àti fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tí tíṣù yín bá ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, ẹ bó wọn kúrò lára ara wọn kó ku ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́. Ẹ gé e sí márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó àtàǹpàkò méjì, kí ẹ sì kọ orúkọ ibi tí ẹ máa lò ó sí igun rẹ̀: iwájú orí, imú, àgbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ yóò pa wọ́n pọ̀ mọ́ra ni, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tó ń lo ìpara tó ń mú ara pupa, tàbí oògùn rorẹ́ tó ń bó awọ, ìdánwò yìí ò ní sọ òótọ́ fún yín. Iṣẹ́ oògùn náà ni ẹ óò rí lójú, ẹ ò ní rí awọ yín gan-an. Ẹ má sì torí ìdánwò dédé pa oògùn tí dókítà kọ fún yín tì.

Fífọ ojú àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Láàárọ̀, ẹ fi omi tí kò gbóná àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú, ọwọ́ lásán ni kí ẹ lò. Kànìnkànìn ò gbọdọ̀ kan ojú lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ dúdú pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó sinmi. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, òun ni màmá mi fi wẹ̀ mí dàgbà, àmọ́ omi eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú èèpo kòkó lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lágbára ju ohun tí awọ ojú lè gbà lọ. Ojú ẹni tó bá fi í fọ̀ ọ́ lè fà nítorí ọṣẹ náà nìkan, tí a óò wá máa di ẹ̀bi ru awọ rẹ̀.

Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tẹ omi gbẹ, ẹ má nù ún gìrìgìrì. Ẹ wo aago. Láti ìgbà yìí, ẹ má fi ohunkóhun pa ojú, ẹ má sì fọwọ́ kàn án.

Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lanu gbàgà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ìpéǹpéjú sókè. Ṣé awọ ń fà, bí ẹni pé ojú ti kéré jù fún yín? Níbo ló ti ń fà? Bó bá fà fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó sì dẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má kà á sí. Èyí tó ṣì ń fà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibẹ̀ gan-an: ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni, àbí ó dé iwájú orí? Ibí yìí ni àwọn kan máa ń dúró sí, tí wọ́n á ní "ojú mi ń fà, awọ gbígbẹ ni." Ó yá jù. Awọ tí kò ní òróró máa ń fà, èyí tí omi gbẹ lára rẹ̀ náà máa ń fà. Ẹ ò tíì mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Tíṣù lẹ́yìn wákàtí méjì

Tó bá di wákàtí méjì tí ẹ fọ ojú, ẹ gbé tíṣù kọ̀ọ̀kan lé ibi tí ẹ kọ sí i lára. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ẹ ṣí i kúrò. Ẹ má fi nu ojú o, títẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù nílùú tó ń mú ooru bíi tiwa. Òógùn máa ń mú kí tíṣù tutù, tíṣù tútù sì máa ń mọ́lẹ̀ gaara bíi ti olóróró. Ẹni tó bá wò ó lójú ẹsẹ̀ yóò ní gbogbo ará Èkó ló ní awọ olóróró. Àmọ́ òógùn á gbẹ, òróró kì í gbẹ. Ẹ rántí bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà: ibi tí òróró bá ti mu ún, ó máa mọ́lẹ̀ gaara, bó di ọjọ́ kejì kò ní kúrò. Ẹ kán omi sí igun kejì bébà kan náà, kí ẹ padà wá wò ó láìpẹ́, ẹ ò ní rí ibi tí omi náà wà. Iyàtọ̀ tí a ń wá lórí tíṣù nìyẹn.

Ẹ wá gbé wọn sókè kọjú sí fèrèsé. Tí márààrún bá ní ojú gaara, títí kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, awọ olóróró ni. Tí iwájú orí, imú àti àgbọ̀n bá ní in, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sì funfun, awọ àdàlù ni, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti bá ṣe é. Tí márààrún bá funfun, tàbí tí ti imú nìkan ní àmì tó tó orí èékánná, awọ gbígbẹ ni. Ẹ má jẹ́ kí àmì kékeré orí imú yẹn tàn yín jẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí imú ènìyàn má yọ òróró rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òróró rẹ̀ kéré káàkiri, tí ojú rẹ̀ ò sì fà, kò ní wàhálà kankan, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ náà kí ẹ tó gbà á gbọ́. Lára àwọn obìnrin, òróró ojú lè pọ̀ sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀.

Wíwá omi

Tíṣù ò lè sọ nǹkan kan nípa omi. Jígí ni ẹ máa lò fún ìyẹn, ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó fi ohunkóhun pa ojú. Ẹ dúró kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó má kọjú sí yín tààrà. Ẹ fi ìka kan rọra ti awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Awọ tó lómi yóò wú bọ̀ǹtọ̀ bọ̀ǹtọ̀. Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ yóò hun jọ sí ìlà wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ ìlà tín-ín-rín tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí awọ tó máa ń bo orí ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tó bá ń tutù tí a wá fi ṣíbí tì í.

Ìlà ọjọ́ orí yàtọ̀ sí èyí. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi omi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹ pa ìpara fífúyẹ́ tó ní gilisarínì lé e lórí nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti àwọn méjèèjì sókè bíi ti àkọ́kọ́. Tí ìlà wẹ́wẹ́ bá ti dín lápá kan tó sì kún fọ́fọ́ lápá kejì, omi ló ń wá. Ìlà ọjọ́ orí ò ní torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn kan máa ń fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ sókè láti wò ó bóyá á tètè padà sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Rírọ̀ awọ nìyẹn ń wò, àgbàlagbà tó sì mu omi kún inú, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ á ṣì dúró sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ẹ tún wo ojúgun yín, láìtíì pa nǹkan sí i. Ẹ fi èékánná fà á lẹ́ẹ̀kan, rọra. Ìlà funfun bí ẹfun lára awọ dúdú túmọ̀ sí pé awọ òkè ti gbẹ tó sì ń ṣí. Ojúgun máa ń funfun fún gbogbo èèyàn nígbà ọyẹ́, nítorí náà, ìgbà òjò ni ẹ̀rí yìí wúlò jù. Ẹni tí ojúgun àti apá rẹ̀ ń funfun nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀, tí tíṣù ojú rẹ̀ náà sì funfun, awọ gbígbẹ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Bó ṣe rí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Ní Sátidé, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ló fọ ojú. Ní aago mẹ́jọ, ó ní ojú òun ń fà káàkiri, pàápàá ní iwájú orí. Iwájú orí yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Ibẹ̀ ni òróró ti ń pọ̀ jù lójú ènìyàn. Ibi tó ń dán tó sì tún ń fà, a jẹ́ pé kì í ṣe òróró ló ń wá.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, a tẹ tíṣù. Lẹ́yìn tí wọ́n sinmi, ti iwájú orí, imú àti àgbọ̀n mọ́lẹ̀ gaara tí mo fi ń rí ìka mi ní ẹ̀yìn wọn. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ní àmì pẹ́ńpẹ́ pẹ́ńpẹ́, kéékèèké, àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀. Olóróró ni. Ó ń wo tíṣù, ó ń wò mí, ó ní, "Àǹtí, gbogbo owó òrí yẹn ńkọ́?"

A ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè níwájú fèrèsé, ìlà wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn omi àti gilisarínì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan lápá tí a pa. Mo wá bi í bó ṣe ń ṣe ojú rẹ̀ ní Èkó. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni, láàárọ̀, lálẹ́, nítorí rorẹ́. Níbi iṣẹ́, abẹ́ ẹ́síì gan-an ni tábìlì rẹ̀ wà, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ọyẹ́ wá dé bá gbogbo rẹ̀. Ìfà ojú yẹn ló jẹ́ kó máa wá ohun tó ki pa, èyí tó ki náà ń dí ihò awọ tó ti ní òróró tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, rorẹ́ ń pọ̀ sí i, òun náà tún ń fi kànìnkànìn ha á.

A ò ra oògùn kankan. A ní kó fi omi lásán fọ ojú láàárọ̀, kó fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lálẹ́, ọwọ́ lásán. Kó fi ìpara fífúyẹ́ tó ní gilisarínì pa ojú nígbà tó ṣì tutù. Kó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n yí tábìlì rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òrí àti fasilíìnì, kó máa fi pa ẹsẹ̀. Fasilíìnì kì í fún awọ lómi, ó kàn ń bo èyí tó bá wà níbẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún irú àyípadà yìí, nítorí awọ òkè nílò àkókò láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ó pè mí ní ọjọ́ kẹsàn-án pé ojú òun ò fà mọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó tún tẹ tíṣù, ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́: ti iwájú orí àti imú ṣì gaara bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tó kẹ́yìn nìyẹn. Òùngbẹ lọ, òróró dúró. Ká ní awọ gbígbẹ ló ní, ojú ì bá dẹ̀ nígbà tó ń pa ìpara, àmọ́ tíṣù ì bá máa funfun láti ọjọ́ kìíní títí dé ìkẹrìnlá, ìfà náà ì bá sì padà wá lọ́jọ́ tó bá fi ìpara sílẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé awọ tí omi gbẹ lára rẹ̀ á máa yọ òróró púpọ̀ láti fi rọ́pò omi. Èmi ò rí i lójú ọmọ yìí, tíṣù rẹ̀ ò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímu omi. Ó ń mu omi inú ọ̀rá mẹ́fà lójúmọ́ kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Omi tó dára fún ara ni, àmọ́ èyí tí ẹ́síì àti ọṣẹ ń fà kúrò lójú awọ, ẹnu kọ́ ló gbà lọ.

Ibi tí ìdánwò yìí mọ

Ìpẹ́ tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, nínú irun ìpéǹpéjú àti létí irun orí lè dà bíi gbígbẹ, kí tíṣù ibẹ̀ sì kún fún òróró. Tí ìpẹ́ náà bá pọ́n díẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó sì ń yún, àìsàn awọ kan tó ní oògùn tirẹ̀ ni. Ẹ má fi òrí pa á, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ wò ó. Awọ ojú tó là, tó ń ṣomi, tàbí tó ń ta yín bí ẹ bá fi omi lásán kàn án náà ti kọjá ohun tí tíṣù lè sọ. Lára awọ dúdú, ẹ má dúró de pípọ́n kí ẹ tó mọ̀ pé ara ń binú. Ó lè jẹ́ pé ó dúdú sí i ni, tàbí kó rí bí eérú.

Ẹ kọ ọjọ́ sí ara tíṣù yín, kí ẹ fi wọ́n sínú àpòòwé pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nípa ìfà ojú. Ẹ ṣe òmíràn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí ọyẹ́ bá ti mú, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà òjò. Ẹ̀yin tó wà nílùú òyìnbó, ti yín ni oṣù tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ìyẹn náà máa ń gba omi lára awọ bí ọyẹ́. Ohun tó bá yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, omi ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí kò yí padà ni irú awọ tiyín.